Fọ́tò 14, àkàrà, àti ojú Bígí Mọ́mì

1/
Ẹ̀yin tèmi, ẹ jókòó díẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ máa ta fọ́tò tí mo fi fóònù yà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, fọ́tò 14 ni mo fi ránṣẹ́. Wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo tún wọn fi ránṣẹ́, wọ́n tún kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Mo fẹ́ sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ wọ́n, ohun tí mo ṣe sí i, àti fọ́tò kan ṣoṣo tó wọlé tó sì tà, tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń dùn mí títí dòní. Ó gùn o. Ẹ bu omi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

2/
Fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀: àwọn ìkànnì kan wà, bíi Adobe Stock, Shutterstock, Alamy àti Pond5, tí èèyàn lè gbé fọ́tò tàbí fídíò kékeré sí fún títà. Ẹni tó ń ṣe ìwé, ẹni tó ń ṣe ìpolówó, oníròyìn, gbogbo wọn á wá síbẹ̀ wá wá ohun tí wọ́n nílò. Wọ́n á sanwó, ìkànnì á mú tiẹ̀, á fún ẹ ní tìẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò náà gan-an ni wọ́n rà lọ́wọ́ ẹ. Àṣẹ láti lò ó ni wọ́n rà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

3/
Bígí Mọ́mì ni ẹ̀gbọ́n màmá mi. Àkàrà ló ń dín ní Mọ̀kọ́lá, n'Ìbàdàn. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, òróró ti ń hó. Láti kékeré ni mo ti ń wo ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe ń ju ẹ̀wà lílọ̀ sínú agbada, kò ní wò ó, ẹnu ẹ̀ á sì máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo ní ó yẹ kí ayé rí nǹkan yìí. Ká má purọ́, mo tún ní kí dọ́là díẹ̀ wọlé.

4/
Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìkọ̀sílẹ̀ àkọ́kọ́, torí òun ló tini lójú jù. Mo ya fọ́tò náà tán, mo fẹ́ gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi. Kí ni mo ṣe? Mo fi WhatsApp fi wọ́n ránṣẹ́ sí i. Ó gbà wọ́n, ó gbé wọn sórí ìkànnì. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí gbogbo ẹ̀ padà wá. Èèyàn kankan ò tíì wò wọ́n o, ẹ̀rọ ló dá wọn padà. Ó ní wọ́n ti kéré jù.

5/
Mo ní kéré báwo? Fóònù mi ń ya mẹgapíkísẹ́lì 12! Ìṣirò ẹ̀ rèé. Fọ́tò tí fóònù mi yà fẹ̀ tó píkísẹ́lì 4000, ó ga tó 3000. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, mílíọ̀nù 12 ni. Ṣùgbọ́n tí WhatsApp bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, á fún un pọ̀ kó má baà jẹ dátà. Èyí tó dé ọwọ́ àbúrò mi jẹ́ 1600 níbùú, 1200 lóròó. Ìyẹn ò tó mílíọ̀nù méjì. Mílíọ̀nù mẹ́rin sì ni Adobe Stock àti Shutterstock ń béèrè, ó kéré tán. Lójú fóònù, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Nínú nọ́ńbà ló ti hàn.

6/
Àtúnṣe ẹ̀ rọrùn. Ẹ fi okùn tí ẹ fi ń gba iná sí fóònù so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ da fọ́tò náà kọ bó ṣe wà. Tàbí kí ẹ gbé e sórí Google Drive. Tàbí kí ẹ gbé e sórí ìkànnì tààrà látinú fóònù fúnra ẹ̀. Tó bá di dandan kó jẹ́ WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ ṣí àlàyé fọ́tò náà wò, kí ẹ rí nọ́ńbà méjèèjì.

7/
Mo wá fi ojúlówó ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn wò ó. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ímeèlì dé: wọ́n tún kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Àmọ́ wọ́n sọ ìdí. Mẹ́fà, wọ́n ní fọ́tò náà ò dáa tó. Márùn-ún, wọ́n ní àmì ilé iṣẹ́ ẹlòmíì wà níbẹ̀. Mẹ́ta, wọ́n ní ìwé àṣẹ ẹni tó wà nínú fọ́tò ò sí. Mo bínú sùn. Nígbà tí mo jí, mo mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

8/
Mẹ́fà yẹn kọ́kọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "Noise" àti "Out of focus". Ti àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ariwo etí o. Àwọn àmì wínníwínní tó dà bí iyanrìn ni, tó máa ń wà níbi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni mo lọ yà á, gílóòbù kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ojú tí fóònù fi ń ríran kéré gan-an. Tí ìmọ́lẹ̀ ò bá tó, fóònù á tipátipá mú kó mọ́lẹ̀, iyanrìn yẹn á sì jáde. Lẹ́yìn náà fóònù á gbìyànjú láti nù ún dànù, awọ ojú èèyàn á wá máa dán bí àbẹ́là.

9/
Mi ò rí gbogbo èyí tẹ́lẹ̀ torí ojú fóònù kékeré ni mo fi ń wò ó. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀, orí kọ̀ǹpútà ló ti ń wò ó ní 100%, ìyẹn ni pé píkísẹ́lì kan nínú fọ́tò bá píkísẹ́lì kan lójú kọ̀ǹpútà dọ́gba. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí fọ́tò tí mo fẹ́ràn jù. Haa! Ojú Bígí Mọ́mì ò mú rárá. Ìkòkò tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló mú. Fóònù ti gbájú mọ́ ìkòkò, ó fi èèyàn sílẹ̀.

10/
Èwo ló tún wà? Fọ́tò kan dà bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Mo rò pé èéfín ni. Èéfín kọ́. Òróró ni. Òróró àkàrà tó ń fò lọ́ lọ́ nínú afẹ́fẹ́ ti bà sára lẹ́ǹsì, ìka mi náà sì ti dọ̀tí. Gílóòbù yẹn wá fọ́n káàkiri gbogbo fọ́tò. Látọjọ́ náà, aṣọ tí a fi ń nu gíláàsì ojú ò kúrò nínú àpò mi. Tí ẹ bá ń ya ibi ìdáná, ẹ máa nu lẹ́ǹsì lẹ́yìn fọ́tò mẹ́ta mẹ́rin.

11/
Méjì nínú mẹ́fà yẹn, súùmù ni mo fi yà á. Mi ò fẹ́ sún mọ́ iná, mo kàn fi ìka méjì fà á gbòòrò. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ìyẹn kì í ṣe pé lẹ́ǹsì sún mọ́ ọn. Fóònù kàn gé àárín fọ́tò, ó sì nà án. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín ṣe súùmù. Ọ̀kan tó kù, mo lo èyí tó máa ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì, Portrait. Fóònù ò mọ ibi tí èéfín parí sí, ó gé e bí ẹni fi sáàsì gé bébà, ó sì gé ìdajì ọwọ́ ṣíbí dànù mọ́ ọn.

12/
Márùn-ún tí wọ́n ní àmì wà níbẹ̀: "Visible trademark". Mo wo fọ́tò títí, mi ò rí nǹkankan. Àfi ìgbà tí àbúrò mi nàka sí i. Agboòrùn tí Bígí Mọ́mì jókòó sábẹ́ ẹ̀, ti ilé iṣẹ́ fóònù kan ni, orúkọ wọn gàdàgbà lórí ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì òróró ní orúkọ lára. Ọmọ-ọmọ Bígí Mọ́mì wọ jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù òyìnbó. A ti mọ́ àwọn nǹkan yìí lára débi pé ojú wa ò rí wọn mọ́.

13/
Kí ló kàn wọ́n? Ẹni tó bá ra àṣẹ láti fi fọ́tò yẹn polówó ọjà tiẹ̀, tí àmì ilé iṣẹ́ mìíràn bá wà níbẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé àwọn yẹn lọ́wọ́ sí ìpolówó náà. Wọ́n lè pè é lẹ́jọ́. Ìyẹn ni ìkànnì ò fi ní gbà á. Kì í ṣe orúkọ nìkan o. Àwòrán tí ẹlòmíì yà sára ògiri náà wà níbẹ̀, àti àwòrán ara káńdà. Àtúnṣe tèmi: mo yí kẹ́ẹ̀gì kọ̀yìn, mo ká agboòrùn, mo ní kí ọmọ yẹn lọ wọ búbá ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ó sàn ju kí n jókòó wákàtí méjì máa fi áàpù pa orúkọ rẹ́.

14/
Ó wá ku mẹ́ta. "Missing model release". Ibí yìí ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Tí èèyàn tó ṣeé dá mọ̀ bá wà nínú fọ́tò, tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n lè lò ó fún ìpolówó, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà. Ìkànnì fúnra wọn ní ìwé náà, ẹ máa wà á sílẹ̀ ni. Orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí ẹ yà á, ìbuwọ́lù onítọ̀hún, ìbuwọ́lù tiyín, àti ti ẹlẹ́rìí kan tó ti dàgbà. Ẹ̀yin tí ẹ ya fọ́tò ò lè tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí tàbí alágbàtọ́ ẹ̀ ló máa fọwọ́ sí i.

15/
Ọlẹ ṣe mí. Kí n tó lọ tẹ ìwé, kí n wá ẹlẹ́rìí, kí n wá máa ṣàlàyé fún Bígí Mọ́mì… Mo bá rí ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àwọn ìkànnì kan máa ń gba fọ́tò sí ìsọ̀rí tí wọ́n ń pè ní "Editorial". Fọ́tò ibẹ̀ wà fún ìròyìn àti ẹ̀kọ́: ìwé ìròyìn, ìwé ilé ìwé, àlàyé nípa ìlú kan. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi polówó ọjà. Torí náà, wọn kì í béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú ẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́ pàápàá lè wà níbẹ̀.

16/
Ohun tí wọ́n ń béèrè ni òótọ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún un. Àkọlé ẹ̀ sì ní bó ṣe máa rí: ìlú, orílẹ̀-èdè, ọjọ́, kí ẹ tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èyí ni mo kọ:

```
IBADAN, NIGERIA - MARCH 9, 2024: A woman fries
akara at a roadside stall in Mokola.
```

Mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì, wọ́n gbà á. Àkọ́kọ́ mi láyé! Mo jó nínú yàrá bí ẹni tó gba fisà.

17/
Ọjọ́ 17 lẹ́yìn náà, ó tà. Ẹnì kan, níbìkan, ra àṣẹ láti lo fọ́tò Bígí Mọ́mì. Sẹ́ǹtì díẹ̀ ló wọlé, kò tiẹ̀ tó dọ́là kan. Mo sáré lọ sí Mọ̀kọ́lá lọ sọ fún un. Mo rò pé inú ẹ̀ á dùn.

18/
Ó ń kó àkàrà jáde lọ́wọ́. Ó ní, "Àṣàkẹ́, wọ́n rà mí?"

Mo ní, "Rárá o, Bígí Mọ́mì, fọ́tò yín ni wọ́n rà. Àṣẹ láti lò ó."

"Àṣẹ ta?"

Mi ò lè dáhùn.

Ó ní, "Ta ló rà á?" Mo ní wọn kì í sọ orúkọ ẹni tó rà á fún wa. "Kí ló fẹ́ fi ṣe?" Mo ní ó lè jẹ́ ìwé ìròyìn, ó lè jẹ́ ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé. "Ó lè jẹ́. Ìwọ náà ò mọ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àkàrà tí mo bá tà, mo mọ ẹni tó jẹ ẹ́."

19/
Mo gbìyànjú láti gbèjà ara mi. Mo ní wọn ò lè fi polówó. Ó ní, "Tí wọ́n bá wá fi polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Kí wọ́n ní èmi ni jẹ̀díjẹ̀dí ń bá jà?" Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò sì lè sọ pé ìbéèrè yẹn ò mọ́gbọ́n dání. Ohun tó béèrè yẹn, òun gan-an làwọn agbẹjọ́rò ìkànnì jókòó lé lórí nígbà tí wọ́n ń kọ àdéhùn wọn.

20/
Mo padà sílé, mo ka àdéhùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí lọ́rọ̀ tó rọrùn.

Àṣẹ tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní "Royalty-free". Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o! Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tó bá ti sanwó lẹ́ẹ̀kan lè lò ó lọ́pọ̀ ìgbà láìtún sanwó mìíràn. Ẹlòmíì náà lè ra àṣẹ sí fọ́tò kan náà. Fọ́tò ṣì jẹ́ tìẹ, ó sì lè wà lórí ìkànnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àyàfi tí o bá ti ṣàdéhùn pé ìkànnì kan ṣoṣo ni wàá lò.

21/
Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí: ọ̀pọ̀ àdéhùn tó wà fún ẹni tó ń rà á kọ̀ ọ́ pé kó lo èèyàn inú fọ́tò bí ẹni tó ní àrùn, tàbí kó fi sí ohun oníhòòhò, tàbí kó ṣe é bí ẹni pé onítọ̀hún ń ṣe ìpolongo fún òṣèlú kan. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣọ́ ọ. Ìgbà tí ẹnì kan bá rí i tó sì fẹjọ́ sùn ni wọ́n tó mọ̀. Bígí Mọ́mì ò lè rí pátákó tó wà ní Póláǹdì láti Mọ̀kọ́lá.

22/
Èyí tó dùn mí jù nìyí: mo yọ fọ́tò náà kúrò lórí ìkànnì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Yíyọ ò sì yọ ọ́ tán. Yíyọ kàn túmọ̀ sí pé ẹni tuntun ò lè rà á mọ́. Ẹni tó ti rà á, àṣẹ tiẹ̀ ṣì dúró, kò sí ọjọ́ tó máa parí. Mo ti ta ohun tí mi ò lè gbà padà, nítorí sẹ́ǹtì. Mo ṣì máa ń fi Google Lens wá fọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò tíì rí i níbìkankan.

Mi ò rú òfin ìkànnì kankan. Gbogbo ohun tí mo ṣe ni wọ́n gbà láàyè. Bígí Mọ́mì nìkan ni mi ò bi.

23/
Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo tẹ ìwé náà jáde, mo mú un lọ. Mo ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un ní Yorùbá, títí kan ibi tó ti ní àṣẹ náà ò ní òpin. Mo ní tí kò bá wù yín, ẹ má fọwọ́ sí i.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ojú mi kọ́. Ọwọ́ mi, máa yà á lọ."

24/
Ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí. Fọ́tò ọwọ́ tí kò ní ojú, tí kò ní àwòrán ara tàbí ohun mìíràn tí èèyàn lè fi dá a mọ̀, ìkànnì kì í sábà béèrè ìwé àṣẹ fún un. Mo lọ ní aago méje àárọ̀, oòrùn ti yọ láti ẹ̀gbẹ́. Mo nu lẹ́ǹsì. Mo sún mọ́ ọn. Mo fi ìka tẹ ojú fóònù níbi tí àkàrà wà kó lè gbájú mọ́ ibẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kọ̀yìn, agboòrùn wà nílẹ̀.

25/
Mo ya 60, mo fi mẹ́sàn-án ránṣẹ́. Wọ́n gba méjì, wọ́n kọ méje. Wọ́n ní "Similar content". Wọ́n jọra jù. Mo wò wọ́n, òótọ́ ni: ọwọ́ kan náà, agbada kan náà, ibì kan náà, àkàrà kan ló fi yàtọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bá yín ṣa ẹ̀wà. Ẹ ṣà á fúnra yín. Èyí tí mo ń ṣe báyìí: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan tó fẹ̀ tó ní àyè tí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ sí. Mẹ́ta péré.

26/
Fídíò wá. Adobe Stock àti Shutterstock ń gba ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 60. Mo ya bí ẹ̀wà lílọ̀ ṣe ń bọ́ sínú òróró, ìṣẹ́jú àáyá 12. Wọ́n kọ̀ ọ́. Mo wò ó dáadáa: ìlà dúdú kan ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀, bí ẹni ń gbá ilẹ̀.

Gílóòbù ni. Iná ìjọba wa ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí ń mú kí ọ̀pọ̀ gílóòbù máa tàn, kó máa rẹlẹ̀ ní ìgbà 100. Ojú wa ò rí i. Fóònù tí ìyára ẹ̀ ò bá ìyẹn mu ló ń rí i.

27/
Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà. Ẹ pa gílóòbù, kí ẹ lo oòrùn. Tàbí tí fóònù yín bá ní Pro, ẹ gbé "Shutter" sí 1/50 tàbí 1/100, kí fídíò sì jẹ́ 25 fps. Tí kò bá ní in, áàpù ọ̀fẹ́ bíi Open Camera lè jẹ́ kí ẹ ṣe é lórí àwọn fóònù Android kan. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ ń lò, ẹ kúkú pa gílóòbù, torí jẹnẹrétọ̀ kì í yí déédéé bíi ti ìjọba.

28/
Mo tún un yà. Mo gbé fóònù ti àpótí kó má baà gbọ̀n. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ tán, mo bá rántí gbọ́ ọ. Rédíò aládùúgbò ń kọ orin lẹ́yìn! Orin olórin ni o, mi ò láṣẹ lórí ẹ̀. Mo yọ ohùn kúrò pátápátá. Àwọn tó ń rà á sábà máa ń fi orin tiwọn sí i lọ́nàkọnà. Wọ́n gbà á.

29/
Ẹ máa bi mí nípa owó, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Adobe Stock ń fún èèyàn ní 33% owó fọ́tò àti 35% ti fídíò. Tí ẹnì kan bá san dọ́là 10 fún fọ́tò, dọ́là 3 àti sẹ́ǹtì 30 ni tìẹ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oníbàárà ń san owó oṣù, wọ́n á wá fa fọ́tò púpọ̀. Níbẹ̀, ó lè jẹ́ sẹ́ǹtì 33 ni wàá rí lórí ọ̀kan. Wọn ò sì ní san án fún ẹ àfi tó bá pé dọ́là 25. Ẹ pín in: o gbọ́dọ̀ tà á nígbà 76 kí sísan àkọ́kọ́ tó jáde.

30/
Títí dòní, owó tí mo ti rí ò lè san owó ilé. Ó ti ra òróró kẹ́ẹ̀gì méjì fún Bígí Mọ́mì, torí àdéhùn tí èmi àti ẹ̀ ṣe ni pé ìdajì ni tiẹ̀. Fídíò ọwọ́ ẹ̀ ló ń tà jù. Nígbàkígbà tó bá tà, mo máa ń sọ fún un, á ní, "Ọwọ́ tèmi nìyẹn," á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

31/
Fọ́tò ojú ẹ̀, èyí tó dáa jù nínú gbogbo ohun tí mo ti yà, wà nínú férémù ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, lókè àga. Òun ló ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún òun. Kò sí lórí ìkànnì kankan, kò sì ní dé ibẹ̀.

Ó tán. Kí ẹ tó ya ẹnikẹ́ni lọ́la, ẹ nu lẹ́ǹsì, ẹ yí kẹ́ẹ̀gì kọ̀yìn, kí ẹ sì bi onítọ̀hún kí ẹ tó gbé e síta. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, ó yá.